Nígbà Tí Ìjábọ̀ Òwúrọ̀ Bá Ṣófo

Oníbàárà tó ń rí ìjábọ̀ títà ọjà rẹ̀ gbà láràárọ̀, tó wá bá fáìlì òfìfo lónìí, á kọ́kọ́ bẹ̀rù pé àkọsílẹ̀ òun ti sọnù. Ẹ̀rù yìí ni ó yẹ kí íméèlì àlàyé kọ́kọ́ mú kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà Línọ́ọ̀sì. Ní aago 2 òru, ètò ìjábọ̀ ṣí fáìlì tuntun, ṣùgbọ́n dísìkì ti kún:

```
No space left on device
```

Lẹ́tà tó dára lè lọ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ mà. Kò sí àkọsílẹ̀ títà yín kankan tó sọnù. Fáìlì tí ètò mìíràn ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sí ló gba gbogbo àyè, nítorí náà ìjábọ̀ yín kò rí ibi kọ sí. A ti ṣe òmíràn. Òun ló wà nínú íméèlì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ti òru.”

Níbi àtúnṣe ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí a bá pa fáìlì ńlá náà rẹ́ nígbà tí ètò rẹ̀ ṣì ṣí i sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ á lọ, àyè kò ní padà. `df -h` á ṣì fi hàn pé dísìkì kún. Àfi ká tún ètò náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, `logrotate` á máa pa àwọn ògbólógbòó ìròyìn rẹ́ lóòrèkóòrè, ètò ìjábọ̀ náà á sì máa yẹ àyè wò kó tó bẹ̀rẹ̀.