Bí Ọ̀rọ̀ Wákàtí Kan Ààbọ̀ Ṣe Ń Di Ìgbésẹ̀ Mẹ́sàn-án

Kò sí ẹni tó sin adìẹ pẹ́ tí kò mọ lúkúlúkú. Ọrùn adìẹ á lọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó yí po, ọgbà tó kún fún ariwo lè ti dá páropáro. Agbègbè Ìbàdàn ni àwọn dókítà ẹran ti kọ́kọ́ fìdí àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Àjẹsára tí wọ́n bá fún adìẹ kí àrùn tó dé ni ààbò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àjẹsára náà ni Làsótà, èyí tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi mímu.

Nítorí pé inú omi ni wọ́n ń pò ó sí, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ fi máa ń pe ìpàdé lé e lórí, tí ẹnì kan nínú àwùjọ sì máa ń na fóònù sókè láti gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá. Rẹ́kọ́dù náà á dé orí Wásáàpù. Wákàtí kan ààbọ̀! Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á gbọ́ ìkíni, wọ́n á gbọ́ àdúrà, wọ́n á sì pa á tì. Ohun tí wọ́n nílò ni ìwé pélébé kan tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọgbà adìẹ, tó sọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe àti ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ rẹ́kọ́dù náà tán láìkọ nǹkan kan. Ìgbà kejì ló ń mú bírò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí olùkọ́ sọ ọ́, kó lè padà síbẹ̀ bí iyèméjì bá dé. Nínú irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àkọsílẹ̀ náà sábà máa ń rí báyìí: ní 08:15, olùkọ́ ń sọ bí wọ́n ṣe ń po àjẹsára, ní 12:40, ó ní kí wọ́n fi òùngbẹ gbẹ adìẹ fún wákàtí méjì, ní 31:00, ó ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tí adìẹ rẹ̀ kú tán, ní 54:20, ó ní, “Ẹ gbọ́, mo fẹ́ gbàgbé o, ẹ má fi ọṣẹ fọ dírínkà.” Tó bá di 71:05, tí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, ìyá kan á béèrè bóyá omi ẹ̀rọ dára. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti máa sọ pé rárá, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ lè pa àjẹsára náà pẹ̀lú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le nìyí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá sí olùkọ́ lẹ́nu kọ́ ni iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́gbà. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó sọ ní 54:20, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n nílò rẹ̀. Bí akọ̀wé bá to ìgbésẹ̀ rẹ̀ bí rẹ́kọ́dù ṣe tò ó, àgbẹ̀ tó ń kàwé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò ti da àjẹsára sínú dírínkà tó rùn fún ọṣẹ kó tó kà á pé kó má lo ọṣẹ. Kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tí agbára rẹ̀ kéré, àmọ́ tó wà láàyè, ló wà nínú Làsótà. Bó bá kú sínú omi, àwọ̀ omi kò ní yí padà, adìẹ á mu ún, inú olówó á dùn. Ọjọ́ tí lúkúlúkú bá wọlé ni àṣírí máa tú. Nítorí náà, aago ni akọ̀wé ọlọgbọ́n fi ń to ìgbésẹ̀: kí ni wọn yóò ṣe lánàá, kí ni wọn yóò ṣe ní ìdájí, kí ni wọn yóò ṣe nígbà tí adìẹ bá ń mu omi lọ́wọ́.

Ohun kejì tó ń fa wàhálà ni iye. Ní 12:40, olùkọ́ pe wákàtí méjì. Nígbà ìbéèrè, ó pe wákàtí kan. Akọ̀wé tó yára lè mú ọ̀kan kó sì ju èkejì nù, tàbí kó kọ “wákàtí kan sí méjì” kó sì kọjá lọ. Ẹni tó bá padà gbọ́ ọ dáadáa á rí i pé méjèèjì ló tọ̀nà: wákàtí kan ni nígbà oòrùn, méjì ni nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Bí òùngbẹ bá pọ̀ jù, àwọn tó lágbára á ti àwọn tó kéré dànù, wọ́n á sì mu ìpín tiwọn mọ́ ọn. Bí kò bá tó, omi á pẹ́ nílẹ̀, agbára àjẹsára á sì máa dínkù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye omi rí. Ká ní olùkọ́ ní, “Lítà mẹ́rin ni kí ẹ lò.” Òótọ́ lè ni, fún igba adìẹ tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ẹgbẹ̀rún adìẹ gba lítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n ti lò láyé. Ọmọ ọjọ́ 21 á gba nǹkan bíi lítà 20 fún ẹgbẹ̀rún, igba adìẹ á sì gba mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé igba adìẹ ni ẹni tó máa ka ìwé náà ní? Ohun tó dára ju kí wọ́n kọ “lítà mẹ́rin” ni kí wọ́n kọ ọ̀nà tí olúkúlùkù fi lè mọ tirẹ̀: kó wọn omi tí adìẹ rẹ̀ mu láàárín wákàtí méjì ní òwúrọ̀ àná.

Mílíìkì ńkọ́? Olùkọ́ kàn ní, “Ẹ fi ṣíbí mílíìkì kan sí i.” Ṣíbí wo? Mílíìkì wo? Rẹ́kọ́dù kò sọ. Akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dí àlàfo bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dá a lójú tó. Ńṣe ló máa ń kọ àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀ títí yóò fi pe olùkọ́. Èsì tó yẹ kó gbà ni pé mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni, nǹkan bíi gíráàmù méjì ààbọ̀ sí lítà omi kan, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún gègèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àjẹsára lọ́wọ́ kẹ́míkà tó bá ṣẹ́ kù sínú omi.

Ohun mìíràn tún wà tí etí kò gbọ́dọ̀ fò. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lu fóònù lè gbé “má” lọ, kí “ẹ má gbé e sóòrùn” wá di “ẹ gbé e sóòrùn”. Gbólóhùn ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n padà gbọ́, kódà bó bá hàn gbangba.

Ní ti ìtàn ọkùnrin tí adìẹ rẹ̀ kú, kò ní wọ inú ìwé. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́: ó fún adìẹ tó ti ń ṣàìsàn ní àjẹsára. Ìyẹn á di ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jọ, ohun tó kù nìyí:

1. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ yẹ adìẹ wò. Bí ọ̀kan bá ń sín, tó sorí kọ́ tàbí tó ń yàgbẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ má ṣe é. Ẹ pe dókítà ẹran.
2. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọn omi tí wọ́n mu láàárín wákàtí méjì, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ má fi oògùn kankan sínú omi wọn.
3. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi lásán fọ dírínkà oníke. Ẹ má lo ọṣẹ, ẹ má lo oògùn apakòkòrò. Ẹ pọn omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ sílẹ̀.
4. Ẹ ra àjẹsára tí iye tó wà lára ìgò rẹ̀ tó adìẹ yín. Inú kúlà tó ní yìnyín ni kó wà títí ẹ ó fi lò ó.
5. Ní ìdájí ọjọ́ náà, ẹ kó gbogbo omi kúrò níwájú adìẹ: wákàtí kan bí ooru bá mú, méjì bí ojú ọjọ́ bá tutù.
6. Ẹ wọn omi tó tó iye tí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ po mílíìkì tí kò lọ́ràá sí i, ṣíbí tíì kan sí lítà kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
7. Ẹ ri ìgò àjẹsára sínú omi náà, abẹ́ omi ni kí ẹ ti ṣí i. Ẹ ṣan ìgò náà síbẹ̀, kí ẹ sì fi igi tó mọ́ rò ó pọ̀.
8. Ẹ pín in sínú dírínkà lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí oòrùn kò dé. Kí dírínkà pọ̀ tó kí gbogbo adìẹ lè mu pa pọ̀. Wákàtí méjì kò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó tán.
9. Bó bá tán, ẹ fún wọn ní omi lásán. Ẹ má lo oògùn inú omi títí di ọjọ́ kejì. Ẹ sun ìgò náà tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. “Ẹ tú àjẹsára sínú omi” ni olùkọ́ wí, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé á sì kọ ọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, ó yẹ kí wọ́n fún àgbẹ̀ kan tí kò sí ní ìpàdé ní ìgò òfìfo àti garawa omi, kí wọ́n ní kó ṣe ohun tó kà lójú wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì là á yé e. Yóò ṣí ìgò náà síta, yóò sì máa gbọ̀n ọ́n sórí omi. Ìyẹ̀fun gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ ló wà nínú ìgò gidi, atẹ́gùn lè gbé e, ìyókù á sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Ibi tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá ti dúró tàbí tó ti ṣì ṣe ni ìwé náà kò ti pé.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gbé. Olùkọ́ kan náà lè ti sọ̀rọ̀ nípa Kọ́máròfù, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú ẹran ara adìẹ. Gbólóhùn mẹ́ta kò lè kọ́ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ gígún. Kí ìwé ní kí wọ́n pe dókítà ẹran ló sàn. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó sọ ní ìparí, ìwé tirẹ̀ ni kó ní, nítorí ìwé tó bá ń ṣe iṣẹ́ méjì ni àgbẹ̀ ń ṣì kà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, akọ̀wé á kọ orúkọ olùkọ́, ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti gbólóhùn kan: bí ohun tó wà lára ìgò bá yàtọ̀ sí èyí, ti ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Fún àwọn tí kì í kàwé, wọ́n lè gba ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án náà sí ohùn mẹ́sàn-án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n pe nọ́ńbà ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mílíìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní láti gbọ́ ti dírínkà kó tó kan èyí tó ń wá.