Ibi Tí Àṣìṣe Ọmọ Ilé-Ìwé Ti Di Òótọ́

Àṣìṣe kan wà tí olùkọ́ ìṣirò kì í yé fi bírò pupa fagi lé. Ọmọ ilé-ìwé girama á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé (a + b)² = a² + b². Ẹ fi 2 sí ipò a, kí ẹ fi 3 sí ipò b: 5² jẹ́ 25, ṣùgbọ́n 4 àti 9 kò ju 13 lọ. Ohun tí ọmọ náà gbàgbé ni 2ab, tó jẹ́ 12. Olùkọ́ kò jẹ̀bi rárá. Síbẹ̀, ayé nọ́ńbà kan wà tí irú ìlà yìí ti jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, ó sì gba àwọn onímọ̀ ìṣirò tó igba ọdún ó lé àádọ́rin kí wọ́n tó mọ ayé náà délé dóko.

Kò jìnnà sí wa. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ẹnìkan ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i, kò sẹ́ni tí yóò ka mẹ́wàá lórí ìka: ọjọ́ méje ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó ku mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ ni. Nínú ìṣirò ọ̀sẹ̀ yìí, 7 àti 0 kò yàtọ̀. Àṣẹ́kù nìkan ni à ń wò: 5 àti 4 di 2, 3 lọ́nà 5 sì di 1, nítorí pé 15 jẹ́ 14 àti ẹyọ kan. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe 0 ló ní ẹnìkejì tí ìlọ́po wọn jẹ́ 1: 2 ní 4, 3 ní 5, 6 sì bá ara rẹ̀ mu, torí 36 ṣẹ́ 1 kù. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè ro, a lè yọ, a lè sọ di púpọ̀, a sì lè pín. Ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣeé ṣe báyìí ni à ń pè ní pápá. Bí a bá ń fi ẹyọ kan kún ẹyọ kan nínú pápá, iye ẹyọ tó máa kọ́kọ́ dá wa padà sí 0 ni àbùdá rẹ̀. Àbùdá pápá ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ 7. Àwọn ìdá tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í padà sí 0 láéláé, ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé àbùdá tiwọn jẹ́ 0.

Ọjà ọrọọrún wa kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, ló fi ń jẹ́ ọrún, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni àyípo rẹ̀. Nínú ìṣirò ọlọ́jọ́ mẹ́rin, 2 lọ́nà 2 di 0, 2 kò sì ní ẹnìkejì kankan. Nínú pápá, ohun méjì tí kì í ṣe 0 kò lè bí 0. Nítorí náà, bí àbùdá pápá kò bá jẹ́ 0, nọ́ńbà àìṣeépín ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyẹn èyí tí kò sí ohun tó pín in dọ́gba bí kò ṣe 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ká ní ó ṣeé pín sí méjì ni, ọ̀kan nínú ìpín méjèèjì ìbá ti di 0, kíkà náà ìbá sì ti parí kó tó débẹ̀.

Pierre de Fermat, ọmọ ìgbìmọ̀ ilé-ẹjọ́ gíga ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Frénicle de Bessy ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà 1640, ó sọ òfin kan tí a lè fi 7 ṣàpẹẹrẹ rẹ̀ báyìí: to nọ́ńbà kan ní méje, sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, kí o wá fi 7 pín èsì rẹ̀, àṣẹ́kù rẹ̀ bá ti nọ́ńbà tí o kọ́kọ́ mú dọ́gba. 3⁷ jẹ́ 2187, ìyẹn 7 lọ́nà 312, ó ku 3. Fermat kò fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ó ní òun ìbá fi í ránṣẹ́ bí kì í bá ṣe pé ẹ̀rù ń ba òun pé yóò gùn jù.

Leonhard Euler ló gbé ẹ̀rí kalẹ̀, ní St Petersburg ní 1736. (Leibniz ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ ṣáájú 1683, ṣùgbọ́n inú àwọn ìwé tí kò tẹ̀ jáde ló wà.) Ibi tí àṣìṣe ọmọ ilé-ìwé ti di òótọ́ gan-an nìyí. Bí a bá tú (a + b)⁷ palẹ̀, iye tó ń ṣáájú ègé kọ̀ọ̀kan nìwọ̀nyí:

```
1  7  21  35  35  21  7  1
```

Ẹ wò ó dáadáa: yàtọ̀ sí 1 tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, gbogbo wọn ni 7 pín dọ́gba. Kì í ṣe kòńgẹ́. 35 wá láti inú 7 × 6 × 5 tí a fi 3 × 2 × 1 pín. 7 tó wà lókè kò lè kúrò, nítorí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ló kéré sí i, kò sì sí èyí tó lè bù jẹ lára rẹ̀, torí nọ́ńbà àìṣeépín ni. Nínú pápá tí 7 ti jẹ́ 0, gbogbo ègé àárín a sì pòórá, (a + b)⁷ a wá ṣẹ́ku a⁷ + b⁷. Láti ibẹ̀, òfin Fermat ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ fúnra rẹ̀: 1⁷ jẹ́ 1, nítorí náà (1 + 1)⁷ jẹ́ 1 + 1, ìyẹn 2, (2 + 1)⁷ jẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé e lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin, yóò bàjẹ́. Iye tiwọn ni 1, 4, 6, 4, 1. 6 wá láti inú 4 × 3 tí a fi 2 × 1 pín. 2 ti bu ìdajì 4 jẹ, 6 kò sì di 0. (1 + 1)⁴ jẹ́ 16, tó di 0, nígbà tí 1⁴ + 1⁴ jẹ́ 2.

Títí dé ibí yìí, gbígbé nọ́ńbà dé ìpele keje, bíi 3⁷, kò tíì mú ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀: 3 di 3, 5 di 5. Évariste Galois, ọmọ ọdún 18, ló la ọ̀nà fún ìyókù ní 1830, nígbà tó tẹ ìwé kan jáde lórí irú nọ́ńbà báyìí. Nínú ìṣirò ọ̀sẹ̀ wa, kò sí nọ́ńbà tó lè lọ́po ara rẹ̀ di 6. Galois ní kí a dá ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní i, kí i² = 6. Nọ́ńbà 49 la ní báyìí, gbogbo wọn ní ìrísí a + bi, àbùdá wọn sì ṣì jẹ́ 7.

Ẹ jẹ́ ká gbé 2 + 3i dé ìpele keje. Ọ̀nà jíjìn ni pé kí a máa lọ́po rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ìpele kejì di 2 + 5i, ìkẹta di 3 + 2i, ìkẹfà di 5 + 5i, ìkeje sì di 2 + 4i. Ọ̀nà àbùjá ni pé kí a gbé ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. 2⁷ jẹ́ 2, 3⁷ jẹ́ 3. i⁷ jẹ́ 6 × 6 × 6 lọ́nà i, ìyẹn 216i, tó di 6i. 3 lọ́nà 6i jẹ́ 18i, tó di 4i. Èsì kan náà ni, 2 + 4i. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó padà sí 2 + 3i.

Àyídà yìí, x di x⁷, ni ó wá ń jẹ́ orúkọ Georg Frobenius, ará Jámánì, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú rẹ̀ jáde ní 1896. Ohun tó mú kí ó níyì ni pé kò da ìṣirò rú: yálà a ròpọ̀ kí a tó yí i, tàbí a yí i kí a tó ròpọ̀, ibì kan náà la ó bọ́ sí. Ti ìlọ́po kò le, torí (ab)⁷ jẹ́ a⁷b⁷ nínú pápá yòówù. Àròpọ̀ ló nílò kí ìpele náà bá àbùdá mu. Ẹni tó bá fi 5 dánwò nínú pápá ọ̀sẹ̀ yóò rí i pé (1 + 1)⁵ jẹ́ 32, tó di 4, kì í ṣe 2. Bákan náà, ohun méjì tó yàtọ̀ kò lè di ọ̀kan lábẹ́ àyídà yìí: bí x⁷ bá jẹ́ y⁷, a jẹ́ pé (x − y)⁷ jẹ́ 0, x − y náà sì jẹ́ 0.

Ernst Steinitz ló fún ọ̀rọ̀ àbùdá ní ipò tó wà lónìí, nínú iṣẹ́ ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1910 lórí gbogbo pápá lápapọ̀. Ó ya pápá tí àyídà yìí ti kan gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kan tán. Pápá tó níye, bíi ti 49 wa, kan tán, nítorí 49 tó yàtọ̀ síra kò ní ibòmíràn láti lọ ju àyè 49 náà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú lẹ́tà t kan, tí a sì fi nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kọ gbogbo ìdá tó ṣeé fi t kọ, pápá tí kò lópin la ní, àbùdá rẹ̀ sì jẹ́ 7. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ìpele keje rẹ̀ lè jẹ́ t. Ẹ yọ ìpele t tó ga jù nísàlẹ̀ ìdá kúrò lára èyí tó ga jù lókè rẹ̀: fún ohunkóhun tí a bá ti gbé dé ìpele keje, 7 ló máa ń pín ohun tó kù dọ́gba, ṣùgbọ́n 1 ni ti t.