Bí A Ṣe Ń Kọ Apá Ewu Nínú Àbá Ìwádìí

Nígbà tí mo mú àbá ìwádìí mi lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ojú ewé tí mo pè ní "Ewu àti Ojútùú" ló kọ́kọ́ ṣí. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ síbẹ̀: òjò lè rọ̀, iná lè má sí, àwọn tí mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lè má fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Mo wá parí rẹ̀ pé n ó sa gbogbo ipá mi. Ó bi mí pé, "Bí òjò náà bá rọ̀, kí ni yóò bàjẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Abẹ́ òrùlé ni gbogbo iṣẹ́ mi wà.

Èdè iṣẹ́ àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ni mo ń wádìí: orúkọ irinṣẹ́ wọn, orúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún un. Mo fẹ́ gba ohùn ahunṣọ mẹ́wàá sílẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ mi ní kí n lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí n tó tún apá ewu náà kọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé ìlà ewu kan gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́ta: ohun tó ń fa ewu náà, ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àti ibi tí yóò ti ba iṣẹ́ jẹ́. "Ariwo lè wà" kò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Ní Ìsẹ́yìn, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn ahunṣọ ń jókòó sí. Bí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, ọ̀kọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń lọ ó ń bọ̀, igi ń gbá igi. Mo gba ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo fi Praat ṣí wọn, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣì hàn díẹ̀, àmọ́ s àti ṣ ti rì sínú ariwo. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà nínú orúkọ irinṣẹ́ kan, mi ò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ irinṣẹ́ gan-an ni iṣẹ́ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ báyìí: "Nítorí pé àwọn ahunṣọ ń jókòó papọ̀, ariwo òfì yóò wọ inú ohùn tí a bá gbà níbi iṣẹ́, a kò sì ní lè dá àwọn kọ́ńsónáǹtì kan mọ̀." Mo kọ "ńlá" sí bó ṣe ṣeé ṣe tó, mo sì fi ìdí rẹ̀ tì í: lẹ́ẹ̀mẹta tí mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "kékeré", "àárín" tàbí "ńlá" láìsọ ibi tí ẹ ti rí i.

Ọ̀nà àbáyọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè rí pé a ṣe. Mo pín ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, fídíò iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni n ó yà nídìí òfì. Wákàtí tó kù, inú yàrá ni a ó wà, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ, tí yóò máa dárúkọ wọn sínú máìkì kékeré tí a kọ́ mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, n ó gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, n ó fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ tẹ́tí sí i. Bí s àti ṣ kò bá yàtọ̀, a ó kúrò níbẹ̀. Mo tún kọ ohun tí ọgbọ́n yìí kò lè tán: ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń wá sẹ́nu lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ewu kejì, ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, àwa mẹ́rin gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n jí fóònù náà ní gáréèjì nígbà tí a ń padà bọ̀. Kí a tó tún lọ, ọmọ màmá ti wá mú wọn lọ sí ìlú mìíràn. Fóònù tí a lè rà mìíràn kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ohùn tí kò ní ẹ̀dà ni.

Ìṣirò díẹ̀ ló máa ń fi hàn bóyá ìlérí wa ṣeé mú ṣẹ. Bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bá wà lórí `48kHz/24bit`, tó sì ń gba ìlà ohùn méjì, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì kan. Ahunṣọ mẹ́wàá, wákàtí kan ààbọ̀: gígábáìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún, láìka fídíò. Mi ò lówó dátà tí n ó fi máa gbé ìyẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́, nítorí náà mi ò kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni pé lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, n ó da fáìlì sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àti sínú hádì díìsìkì kan. N ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì títí iṣẹ́ yóò fi parí, àpò tí díìsìkì bá sì wà, kọ̀ǹpútà kò ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìrìnàjò.

Ìkẹta ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọ ọ́, bí ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n. Láàárín 2013 sí 2022, àwọn olùkọ́ fásitì jákèjádò orílẹ̀-èdè yan iṣẹ́ lódì ní 2013, 2017, ìparí 2018 wọ 2019, 2020 àti 2022. Ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá kì í ṣe "kékeré". Mo kọ "àárín". Kì í dí àwọn ahunṣọ lọ́wọ́, àmọ́ yàrá ìwádìí tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà yóò wà ní títì, kò sì ní sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Mo wá kọ ọ́ pé n ó gba ìwé àṣẹ àti ẹ̀rọ náà kí n tó dá ọjọ́ ìrìnàjò. Àmì tí mò ń ṣọ́ ni ìkìlọ̀ ìyanṣẹ́lódì láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọn: bó bá jáde kí n tó gba ẹ̀rọ, lọ́jọ́ náà gan-an ni n ó lọ gbà á.

Olùkọ́ mi fa igi lé òjò, ó fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀. Ó wá kọ́ mi ní ìdánwò kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi lò: ẹ fi ọwọ́ bo àkọlé àbá yín, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní apá ewu rẹ̀ kà. Bí kò bá lè sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ẹ kò tíì kọ ọ́.