Iná Ti Kú, Kàpásítọ̀ Ṣì Kún

Ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ti pa súwíìṣì, ó ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, síbẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kàpásítọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ṣì kún.

Iná fóòtì 230 a máa kún kàpásítọ̀ yìí dé nǹkan bíi fóòtì 325. Fóòtì náà kì í já wálẹ̀ lójijì, nítorí iná tó kó jọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàn jáde. Iye tó wà níbẹ̀ kí a tó pa súwíìṣì náà la ó bá níbẹ̀ ní kété tí a pa á. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní kàpásítọ̀ náà jẹ́ 100 µF, tí rẹsísítọ̀ 100 kΩ sì ń fa iná rẹ̀ sílẹ̀. Tí a bá sọ R di ìlọ́po C, a ó rí ìṣẹ́jú àáyá 10. Lẹ́yìn 10 yìí, nǹkan bíi fóòtì 120 ló kù; lẹ́yìn 10 mìíràn, 44. Bí fóòtì ṣe ń relẹ̀ ni iná tó ń ṣàn ń dínkù, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rọra lọ sí i. Ní ìṣẹ́jú àáyá 50, fóòtì bíi 2 péré ló kù.

Ṣùgbọ́n bí rẹsísítọ̀ bá ti já, fóòtì 325 lè wà níbẹ̀ pẹ́ títí. Mítà ló ń tú àṣírí rẹ̀: tí nọ́ńbà kò bá lọ sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án.