Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Ìwé Àdéhùn Láàárín Orílẹ̀-Èdè: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Erékùṣù Kasíkílì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1890, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi pín àwọn ilẹ̀ kan ní Áfíríkà láàárín ara wọn. Abala kẹta ìwé náà sọ ibi tí ààlà yóò gbà ní gúúsù Áfíríkà. Ó ní nígbà tí ààlà bá dé odò Ṣóbè, kí ó máa bá àárín ipa omi gbòógì odò náà lọ títí dé ibi tí Ṣóbè ti wọnú odò Sámbésì.

Lójú ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, gbólóhùn yìí yé kedere. Ṣùgbọ́n ní ibì kan, odò Ṣóbè pín sí ipa omi méjì, ó sì yí erékùṣù kan ká. Ọ̀kan gba ìhà àríwá kọjá, èkejì gba ìhà gúúsù. Àwọn ará Nàmíbíà ń pe erékùṣù náà ní Kasíkílì, àwọn ará Bòtìswánà sì ń pè é ní Sedúdù. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 3.5 lọ. Nàmíbíà wà ní àríwá odò, Bòtìswánà sì wà ní gúúsù. Nítorí náà, bí ipa omi àríwá bá jẹ́ gbòógì, Bòtìswánà ni ó ni erékùṣù náà. Bí ó bá jẹ́ ti gúúsù, Nàmíbíà ni ó ni ín. Ní ọdún 1996, orílẹ̀-èdè méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Héègì.

Òfin tí a fi ń túmọ̀ ìwé àdéhùn

Òfin tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí wà nínú Àdéhùn Fíẹ́nà ti ọdún 1969, èyí tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún yẹn kan náà. Abala 31 rẹ̀ pàṣẹ pé kí a fi òtítọ́ inú túmọ̀ ìwé àdéhùn, kí a fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, kí a kà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká, kí a sì wo ète tí a torí rẹ̀ ṣe àdéhùn náà. Kì í ṣe òfin mẹ́ta tí ènìyàn lè ṣa ọ̀kan nínú wọn ni èyí. Òfin kan ṣoṣo ni, a sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ yẹ̀ wò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìwé kan bá sọ pé ààlà oko wà ní ìdí ìrókò ńlá, tí a sì bá ìrókò méjì níbẹ̀, a óò kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí ènìyàn ń pè ní igi ńlá. Lẹ́yìn náà, a óò wo àwọn àmì ààlà mìíràn tí ìwé náà dárúkọ, bóyá wọ́n bá ọ̀kan nínú àwọn igi náà mu ju èkejì lọ. A óò sì tún wo ìdí tí àwọn tí ó kọ ìwé náà fi ń pín ilẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn adájọ́ tọ̀ ní Héègì.

Bòtìswánà àti Nàmíbíà kò tíì wọnú Àdéhùn Fíẹ́nà, ìwé ọdún 1890 sì ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ náà sọ pé Abala 31 kàn ṣe àkọsílẹ̀ àṣà tí ó ti di òfin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ni, nítorí náà ó ṣeé lò fún ìwé àtijọ́ náà.

Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ ní

Ìṣòro kan kọ́kọ́ yọjú. Ìwé náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì. Níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé àárín ipa omi gbòógì, ọ̀rọ̀ tí ti Jámánì lò ni tálífẹ́gì, èyí tí àwọn kan máa ń lò fún ibi tí odò ti jìn jù, tí àwọn mìíràn sì máa ń lò fún ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jù. Ilé-Ẹjọ́ náà gbà pé ohun kan náà ni àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ní lọ́kàn nínú èdè méjèèjì. Ó sì fi hàn pé kì í ṣe àárín ni ìjà wà. Ìjà gan-an wà lórí èwo nínú ipa omi méjèèjì ni gbòógì.

Ìwé náà kò sọ ohun tí a ó fi mọ ipa omi gbòógì. Nítorí náà, àwọn adájọ́ kò di ìwọ̀n kan ṣoṣo mú. Wọ́n wo jíjìn omi, fífẹ̀ rẹ̀, bí omi tí ń ṣàn níbẹ̀ ti pọ̀ tó, àti bí ọkọ̀ ṣe lè gbà á kọjá. Wọ́n rí i pé ipa omi àríwá jìn ju ti gúúsù lọ. Àwòrán tí a yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú láti ọdún 1925 wá sì fi hàn pé ó fẹ̀ jù ú lọ.

Lórí omi tí ń ṣàn ni Nàmíbíà ti ja ìjà tí ó le jù. Ó ní nígbà ìkún omi, ìhà gúúsù ni omi tí ó pọ̀ jù ń gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé láti nǹkan bí oṣù Kẹta ni omi máa ń bo erékùṣù náà mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ náà dáhùn pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, gbogbo agbègbè náà dà bí adágún ńlá kan, kò sì sí ẹni tí ó lè ya ipa omi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìgbà tí omi bá fà ni a lè rí ipa omi méjèèjì kedere, nígbà náà ni ó sì yẹ kí a wọ̀n wọ́n. Bí a bá wọ̀n wọ́n nígbà náà, ti àríwá ni ó borí.

Àyíká ọ̀rọ̀ àti ète àdéhùn

Bí a bá ka abala náà dé òpin, a óò rí i pé ó fún Jámánì ní ọ̀nà dé odò Sámbésì nípasẹ̀ ilẹ̀ tóóró kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí máìlì 20 níbikíbi. Ọ̀rọ̀ tí ó yí gbólóhùn náà ká fi hàn pé odò kì í ṣe àmì ààlà lásán lójú àwọn tí ó kọ ìwé yìí. Ọ̀nà ìrìnnà ni pẹ̀lú.

Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ náà dé orí ète àdéhùn, ó sọ pé ohun méjì ni àwọn ìjọba náà ń wá: wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ olúkúlùkù wọn lè rìn lórí odò náà láìsí ìdíwọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ìlà tí ó ya agbègbè àṣẹ wọn sọ́tọ̀ dájú tó bí ó ti lè ṣeé ṣe. Ète kò rọ́pò ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ti ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn lẹ́yìn. Bí ète bá ta ko ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere, adájọ́ kò ní àṣẹ láti kọ ìwé tuntun fún àwọn tí ó bára wọn ṣe àdéhùn.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé

Abala 31 tún pàṣẹ pé kí a wo ìṣesí àwọn tí ó ṣe àdéhùn lẹ́yìn náà, bí ìṣesí yẹn bá fi hàn pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ kan. Nàmíbíà gbójú lé èyí gidigidi. Ó ní àwọn ará Másúbíà láti ìhà Kápírífì ti ń dáko lórí erékùṣù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bòtìswánà àti ìjọba tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò sì lé wọn.

Ilé-Ẹjọ́ náà gbà pé òótọ́ ni pé wọ́n dáko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun méjì gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ kí iṣẹ́ oko tó lè di ìtumọ̀ ìwé àdéhùn. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìjọba Kápírífì gbà lọ́kàn pé ààlà gba ipa omi gúúsù, kí oko dídá náà sì ti inú ìgbàgbọ́ yẹn wá. Èkejì ni pé kí ìjọba òdìkejì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, kí ó sì gbà á bí ẹ̀rí ààlà. Ilé-Ẹjọ́ náà kò rí ẹ̀rí fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn ará Másúbíà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà ọ̀dá àti ìgbà ìkún omi bá ti fún wọn láyè. Àgbẹ̀ lè sọdá ààlà lọ dáko láìjẹ́ pé ààlà tẹ̀ lé e.

Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì, Tírólópù àti Rẹ́dímàn, jọ kọ ní ọdún 1948 náà kò di àdéhùn. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ipa omi gbòógì wà níbi tí erékùṣù náà yóò fi bọ́ sí ìhà tí ó di Bòtìswánà lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjọba tí ó wà lókè wọn ti kọ lẹ́tà síra wọn títí di ọdún 1951, wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Ìwé tí òṣìṣẹ́ kọ lè jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ojú rí létí odò. Kò lè so ìjọba mọ́ ìtumọ̀ tí ìjọba náà kò gbà.

Ìdájọ́ àti ibi tí agbára òfin yìí mọ

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1999, adájọ́ 11 dá a pé ipa omi àríwá ni gbòógì, Bòtìswánà ni ó sì ni erékùṣù náà. Adájọ́ 4 kò fara mọ́ ọn. Ìwé kan náà àti òfin kan náà ni gbogbo wọn kà, síbẹ̀ èrò wọn yàtọ̀. Òfin ìtumọ̀ kò ṣe ìlérí pé gbogbo ènìyàn yóò dé ibì kan náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi dandan mú adájọ́ kọ̀ọ̀kan láti fi ẹ̀rí hàn fún ìgbésẹ̀ tí ó gbé, kí ẹni tí kò gbà lè rí ibi tí iyàn wà gan-an.

Lórí ohun kan, ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 1992 pé kí ọkọ̀ máa rìn yí erékùṣù náà ká láìsí ìdíwọ́. Ilé-Ẹjọ́ náà mú ọ̀rọ̀ yẹn lò, ó sì pàṣẹ pé kí a máa ṣe ti àwọn ará Bòtìswánà àti ti Nàmíbíà bákan náà nínú ipa omi méjèèjì.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jọ ohun àjèjì létí wa. Ìwé àdéhùn mìíràn láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ti oṣù Kẹta ọdún 1913, ni Ilé-Ẹjọ́ kan náà gbé ìdájọ́ Bàkásì kà ní ọdún 2002, nígbà tí ó fi Bàkásì fún Kamẹrúùnù. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n gbígbé tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ kò yí ààlà tí ìwé náà fà padà.