Tẹmómítà Yàrá Ni Kó Yan Aṣọ Ìsùn Ọmọ

Nílùú Lọ́ńdọ̀nù, bí òtútù bá ti dé, inú àpò ìsùn ni ọ̀pọ̀ ìyá ń tẹ́ ìkókó wọn sí. Ẹ̀wù tí kò lápá ni àpò yìí, síìpù wà lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì padé. Lára àkọlé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní tọ́gì. Bí tọ́gì bá ṣe ga tó ni àpò ṣe ń mú ooru mọ́ra tó.

Àjọ Lullaby Trust ní Bìrìtéènì sọ pé kí yàrá tí ìkókó ń sùn wà láàárín dígírì 16 sí 20. Àpò tọ́gì 2.5 ló sábà máa ń bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ mu. Bí yàrá bá ti kọjá 20, tọ́gì 1 ló yẹ. Bó bá kọjá 24, 0.5 ti tó.

Ká mú ilé kan tí tẹmómítà ka 18 lálẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́ta wọ nápì, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀wù ìsùn alápá gígùn, ó sì wà nínú àpò tọ́gì 2.5. Ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ di ọwọ́ ìkókó mú, ọwọ́ náà tutù. "Òtútù ń mú ọmọ yìí o!" Ló bá wá fìlà àti búláńkẹ́ẹ̀tì lọ.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ná," lọmọ rẹ̀ wí. Àyà gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó sábà máa ń tutù ju ara rẹ̀ yòókù lọ, nítorí náà àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn là ń yẹ̀ wò. Bí ibẹ̀ bá ń làágùn, kí a bọ́ ẹ̀wù kan kúrò. Orí ni ìkókó fi ń tú ooru dànù, ìdí nìyí tí a kì í fi dé fìlà fún un sùn nínú ilé. Ní ti búláńkẹ́ẹ̀tì, ó lè yọ́ gorí ojú rẹ̀ lóru, ọmọ oṣù mẹ́ta kò sì lágbára láti ká a kúrò. Ìrọ̀rí àti bèbí ìṣeré kò gbọdọ̀ sí nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bákan náà. Ooru àpọ̀jù àti ohun tó bo ojú wà lára ohun tó ń mú kí ewu ikú òjijì ọmọ lójú oorun pọ̀ sí i.

Àṣà wa ni ká ra aṣọ ńlá de ìgbà tí ọmọ bá dàgbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpò ìsùn: bí ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀ jù, orí ọmọ á rì sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àpò tó bá ọmọ mu, ẹ̀wù ìsùn kan sí i dára ju búláńkẹ́ẹ̀tì lọ.

N'Ìbàdàn fúnra rẹ̀, níbi tí yàrá ti lè tó dígírì 30 lóru, nápì àti síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ti tó ọmọ. Kò nílò àpò rárá.