Áàpù Kọ̀, Kò Ṣí: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Déètì Fóònù Yín

Ní ìdájí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àǹtí mi tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn pè mí. Ohùn wọn ti yí padà. "Àkànní, wọ́n ti kó owó mi lọ o!" Áàpù tí wọ́n ń dá àjọ sí ni kò ṣí mọ́. Gbogbo ohun tó ń gbé wá kò ju `Secure connection failed` lọ. Owó ọjà tí wọ́n fẹ́ lọ rà láàárọ̀ ọjọ́ náà sì wà nínú ẹ̀. Aládùúgbò kan ti ní kí wọ́n pa áàpù yẹn rẹ́, pé òun á fi òmíràn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Kí ni déètì tó wà lójú fóònù yín?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án."

Oṣù kẹsàn-án kẹ̀?

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan déètì nínú ọ̀rọ̀ owó. Kí áàpù tó fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ máa ń bi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà pé, "Ìwọ ta ni?" Kọ̀ǹpútà yẹn á mú sátífíkéètì rẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé ilé-iṣẹ́ mìíràn tí fóònù yín fọkàn tán wà níbẹ̀, déètì méjì náà sì wà níbẹ̀. Mo yẹ ti áàpù àǹtí mi wò lórí láptọ́ọ̀pù mi:

```
notBefore=Apr 20 08:14:02 2025 GMT
notAfter=Jul 19 08:14:01 2025 GMT
```

Ìlà kìíní ni ọjọ́ tí sátífíkéètì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìkejì ni ọjọ́ tó máa kú. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni. Fóònù kò béèrè déètì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tara rẹ̀ ló ń wò. Lójú fóònù àǹtí mi, sátífíkéètì yìí ti kú láti ọjọ́ 55 sẹ́yìn, ló bá já ìlà náà. Ẹnikẹ́ni kò jí owó. Fóònù ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn jáde lọ bá ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú. Bó bá jẹ́ pé déètì sá padà sí ọdún 2015 ni, ìjà kan náà ni, torí fóònù á ní wọn kò tíì bí sátífíkéètì náà.

Ta ló wá yí déètì? Dámi ni, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Nínú géèmù tó ń ta, bí ẹ̀mí bá tán, èèyàn á dúró kó tó rí òmíràn gbà. Dámi kò lè dúró. Ó pa déètì tó ń ṣètò ara rẹ̀, ó sì ń ti ọjọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ títí déètì fi kọjá ọjọ́ 19 oṣù Keje. Áàpù báńkì wọn ṣì ń ṣí dáadáa, torí sátífíkéètì tiẹ̀ ṣì ní oṣù púpọ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fura sí fóònù. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ áàpù kan ṣoṣo ló ń kọ̀, déètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Wọ́n wọ `Settings`, wọ́n tẹ `Date & time`, wọ́n tan èyí tó ń ṣètò ara rẹ̀ padà. Wọ́n ti áàpù, wọ́n tún un ṣí. Owó wọn pé pérépéré.

Bí déètì yín bá péye ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí sátífíkéètì ilé-iṣẹ́ náà ti kú lóòótọ́, kí wọ́n gbàgbé láti gba tuntun. Àwọn ńlá náà ń gbàgbé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2018, íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà O2 ní Gẹ̀ẹ́sì dákú, torí sátífíkéètì kan nínú ẹ̀rọ tí Ericsson ṣe fún wọn ti kú. Bẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ yá fóònù ọ̀rẹ́ yín tí déètì rẹ̀ tọ̀nà. Bó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni àléébù wà. Lórí Chrome, fóònù tí déètì rẹ̀ sáré jù sábà máa ń kọ `Your clock is ahead`. Bí ìwé ló kú, ẹ ó rí `Your connection is not private` pẹ̀lú `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì dúró.

Ẹnì kan lè ní kẹ́ ẹ dá déètì padà sẹ́yìn kí áàpù lè ṣí. Á ṣí lóòótọ́, ohun tó léwu níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Sátífíkéètì ń kú torí pé olè lè jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó bá a rìn, kó máa fi pe ara rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ yín. Ọjọ́ ikú ìwé náà wà lára ohun tó ń dá irú olè bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹni tó bá dá déètì padà ti jí òkú ìwé dìde fún un.

Àǹtí mi kò gba áàpù aládùúgbò yẹn. Dámi náà ti wá ń dúró de ẹ̀mí géèmù rẹ̀ báyìí, lórí fóònù tí wọ́n fi nọ́ńbà tì pa.